Ṣé ẹsáńsì tó mọ́ gaara ló dáa?

Ní Kétu níbí, bí èèyàn bá dúró níwájú tábìlì oní-payo tó ń ta ẹsáńsì inú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, á gbé ìgò sókè kọjú sí oòrùn. Bí ẹsáńsì bá mọ́ gaara, á sanwó. Bó bá jẹ́ ilé epo ńlá, kò sẹ́ni tó ń yẹ ohunkóhun wò; gbogbo wa gbà pé tibẹ̀ kò lè lábùkù.

Mo gbà bẹ́ẹ̀ títí di òjò ọdún kan. Mo ra ẹsáńsì ní ilé epo kan, n kò tíì rìn jìnnà tí alùpùpù mi fi bẹ̀rẹ̀ sí húkọ́, ó sì kú. Mẹkaníìkì tú bóòtù kékeré tó wà nídìí kábúrétọ̀, ó gba èyí tó ṣàn jáde sínú ìgò. Ẹ̀kán omi roboto bí ojú ẹja ló ń yí kiri nísàlẹ̀. Òjò máa ń jò wọnú táńkì abẹ́ ilẹ̀ náà.

Omi wúwo ju ẹsáńsì lọ, ìdí ìgò ló máa ń sùn. Torí náà, ẹ má ṣe mi ìgò payo kí ẹ tó wò ó. Ẹ jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́ díẹ̀, kí ẹ wo ìsàlẹ̀. Ní ilé epo, bí ẹ bá bá ọkọ̀ tó ń já epo sílẹ̀, ẹ padà wá nígbà míì: ìdọ̀tí tó ti sùn sísàlẹ̀ ti dìde nìyẹn.

Kẹrosíìnì ni oòrùn kò lè fi hàn. Ó máa ń yòrò mọ́ ẹsáńsì pátápátá, kedere ni wọ́n á sì máa wò. Ẹ kán ẹ̀kán kan sórí bébà funfun, níbi tí iná kò sí. Ẹsáńsì á gbẹ kíákíá láìfi àmì sílẹ̀. Kẹrosíìnì á fi àbààwọ́n olóròóró sílẹ̀. Àmọ́ ẹsáńsì tí wọ́n ti po ọ́ìlì mọ́ fún ẹ́ńjìnnì kan á ṣe bẹ́ẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ kẹrosíìnì tó kéré lè má hàn rárá.

Owó ńkọ́? Ká ní ìgò payo jẹ́ 600 fáránkì, tí lítà ilé epo jẹ́ 700. Ẹ bu omi ìgò ìdajì lítà méjì sínú irú ìgò oní-payo yẹn. Bí omi bá kún dé ibi tó máa ń bu ẹsáńsì dé, tí ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà sì ṣẹ́kù lọ́wọ́ yín, lítà rẹ̀ ti di nǹkan bí 667. Ọgọ́rùn-ún fáránkì tí ẹ rò pé ẹ jèrè ti di 33. Àmọ́ ẹni tó ń ti abúlé jíjìn wá ra lítà kan péré ní ilé epo, ẹsáńsì tó máa jó lójú ọ̀nà ju 33 yẹn lọ.