Bí a ṣe ń fi ẹ̀kọ́ parí eré àwòrán ọmọdé láìwàásù

Ìbéèrè: Eré àwòrán ìṣẹ́jú 5 ni à ń kọ fún àwọn ọmọ ọdún 4 sí 6 ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Tó bá ku díẹ̀ kó parí, Ìgbín á sọ ẹ̀kọ́ inú ìtàn náà, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn ọmọ ti ń dìde. Ṣé ká yọ ẹ̀kọ́ náà kúrò ni?

Ìdáhùn: Ẹ má yọ ọ́. Ẹ gbà á lẹ́nu Ìgbín, kí ẹni tó ṣẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Lábẹ́ òṣùpá, ẹni tó ń pa àlọ́ ń wo ojú àwọn ọmọ, wọ́n ń bá a gbe orin, nítorí náà bó bá ní ìtàn náà kọ́ wa ní báyìí báyìí, àwọn ló ń bá sọ̀rọ̀. Nínú eré àwòrán, kò sí ẹni tó ń wo ọmọ lójú. Bí ẹnu bá ṣáà ń mì tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ mọ́, eré ti tán lójú ọmọ ọdún 4. Ohun tó rí tí ẹnì kan ṣe ni yóò mú lọ sílé, kì í ṣe àlàyé tí a ṣe lé e lórí.

Ẹ wo ìtàn yìí. Ọ̀kẹ́rẹ́, Ìgbín àti Ẹ̀gà jọ ṣàdéhùn pé àwọn yóò pín máńgòrò mẹ́ta tó pọ́n ní ẹ̀ka ìsàlẹ̀ igi kan nítòsí Àkàbà Ìdèna, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ dé, ó sì jẹ méjì. Nígbà tí àwọn yòókù dé, ó ní, "Ọ̀kan ló wà." Omi máńgòrò ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ tó ń wò ó rí i, Ìgbín kò rí i, ìyẹn ni kò ní jẹ́ kí ọmọ náà dìde. Ìgbín wá pín ọ̀kan tó kù sí mẹ́ta, ó fún Ọ̀kẹ́rẹ́ ní tirẹ̀ ṣáájú ẹnikẹ́ni. Ní ibí yìí, ẹ jẹ́ kí gbogbo ohùn dákẹ́ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá 4, kí ojú Ọ̀kẹ́rẹ́ nìkan wà nínú àwòrán. Lẹ́yìn náà:

Ọ̀KẸ́RẸ́: Mi ò jẹ ẹ́.
ÌGBÍN: Kí ló dé?
Ọ̀KẸ́RẸ́: Mo ti jẹ méjì.
(Ẹ̀gà tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi dákẹ́.)
ÌGBÍN: Méjì?
Ọ̀KẸ́RẸ́: Méjì. Ẹ má bínú.
ÌGBÍN: Ó dáa. Òmíràn wà lókè o.
(Ọ̀kẹ́rẹ́ gun igi lọ sókè pátápátá. Máńgòrò kan já bọ́. Òmíràn já bọ́.)

Ẹ̀kọ́ náà ti parí níbẹ̀ yẹn. Ẹnikẹ́ni kò bá Ọ̀kẹ́rẹ́ wí, ẹnikẹ́ni kò nà án. Bí ẹ bá fi ìyà parí rẹ̀, ìbẹ̀rù ìyà ni ọmọ yóò mú nínú ìtàn náà. Àtúnṣe ni kí ó rí.

Ohun tó máa ń ba irú ìtàn yìí jẹ́ ni gígùn ẹ̀ṣẹ̀. Jíjẹ máńgòrò ní ìkọ̀kọ̀ dùn ún yà, ó ń pani lẹ́rìn-ín, ó sì rọrùn láti fà á gùn di ìṣẹ́jú 3. Nígbà náà, ohun tí ọmọ kọ́ ni bí a ṣe ń jẹ máńgòrò ní ìkọ̀kọ̀. Nínú ìṣẹ́jú 5 yìí, kí jíjẹ náà má ju ìṣẹ́jú àáyá 40 lọ, kí ìjẹ́wọ́ àti àtúnṣe tó ìṣẹ́jú kan dáadáa. Orin ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 20 lọ níkọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè: Ọ̀rọ̀ mélòó ló yẹ kó wà nínú rẹ̀? Ọmọ Kétu àti ọmọ Sábẹ̀ kò sì sọ ohun gbogbo bákan náà.

Ìdáhùn: Nǹkan bí 300 ọ̀rọ̀ tó fún ìṣẹ́jú 5, nítorí àwòrán náà ń sọ̀rọ̀. Kí gbólóhùn kan má ju ọ̀rọ̀ 6 tàbí 7 lọ. Bí ọ̀rọ̀ kan bá jẹ́ tuntun, kí ọmọ kọ́kọ́ rí ohun náà kó tó gbọ́ orúkọ rẹ̀, kí ó sì gbọ́ ọ tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ọ̀rọ̀ tuntun méjì ti tó fún ìtàn kan.

Ní ti ẹ̀ka èdè, ẹ ka ìwé eré náà sókè fún ọmọ Kétu kan, ọmọ Sábẹ̀ kan àti ọmọ Àjàṣẹ́ kan. Ibi tí ọ̀kan nínú wọn bá ti bèèrè pé "Kí ni?", ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Fún àwọn tó ń fi ohùn ṣe eré náà tí wọ́n kọ́ ìwé kíkà lọ́dọ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀, ẹ fi álífábẹ́ẹ̀tì tí wọ́n mọ̀ kọ ọ́, ìyẹn èyí tó ń lo ɛ, ɔ àti sh dípò ẹ, ọ àti ṣ, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀. Orin ló ń fẹ́ ìṣọ́ra jù: bí ohùn orin bá ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ọmọ yóò gbọ́. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ orin náà tán kí ẹ tó fún un ní ohùn.

Ìbéèrè: Ọ̀kẹ́rẹ́ ti kọ́gbọ́n báyìí. Báwo la ṣe máa lò ó nínú ìtàn kejì?

Ìdáhùn: Ìwà rẹ̀ kò gbọdọ̀ yí padà, àmọ́ kò gbọdọ̀ tún àṣìṣe kan náà ṣe. Ìkánjú ni ìwà Ọ̀kẹ́rẹ́. Lónìí ìkánjú mú un jẹun ṣáájú ọ̀rẹ́, nínú ìtàn kejì ó lè mú un da omi ilé nù. Bó bá tún jí máńgòrò jẹ, àwọn ọmọ yóò mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ àná kì í ṣe òótọ́. Ẹ ní ojú ìwé kan fún ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan: ohun tó ń wù ú, àṣìṣe tó sábà ń ṣe, bó ṣe ń sọ̀rọ̀, àti ohun kan tí kì í ṣe láéláé. Ìgbín kì í pariwo. Ẹ̀gà kì í lè pa àṣírí mọ́, nítorí náà ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ lókè yẹn wúwo.

Àwọn ẹ̀dá ìtàn yìí tún ń dín owó yíyà kù. A kò ní ya ìrìn ẹsẹ̀ fún Ìgbín rárá, àwòrán Àkàbà Ìdèna tí a yà lẹ́ẹ̀kan sì lè wà nínú gbogbo ìtàn. Ẹ gba ohùn sílẹ̀ kí ẹ tó ya ẹnu. Bí ẹ bá ń lo àpẹẹrẹ ẹnu tí wọ́n ṣe fún Faransé, ẹ rántí pé kò sí gb níbẹ̀. Ètè máa ń pàdé fún gb àti p tiwa gẹ́gẹ́ bíi ti b àti m, nítorí náà àwòrán ẹnu pípadé kan náà ni kí ẹ lò fún gbogbo wọn. Bí ẹ bá fi ẹnu g sí "Ìgbín", ojú ọmọ á rí i pé kò bá ohùn mu.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti wọlé kí owó tó tán lórí yíyà?

Ìdáhùn: Ẹ to àwọn àwòrán tí kò tíì rìn tẹ̀ lé ara wọn lórí ohùn tí ẹ ti gbà, kí ẹ fi han ọmọ márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ẹ má wo àwòrán náà, àwọn ọmọ ni kí ẹ máa wò, kí ẹ sì kọ ìṣẹ́jú tí ojú wọ́n yà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ bi wọ́n pé "Kí ló ṣẹlẹ̀?", ẹ má bi wọ́n pé "Kí lẹ kọ́?", torí ohun tí olùkọ́ ń fẹ́ ni wọ́n máa fi dá yín lóhùn. Bí púpọ̀ nínú wọn bá dúró lórí "Ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ ẹ́", ẹ gé níbi jíjẹ. Bí wọ́n bá sọ ọ́ dé "ó lọ mú òmíràn wá", ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í yà á.