Ìpínrọ̀ àtakò nínú àròkọ alárìíyànjiyàn

Ìpínrọ̀ àtakò ni ibi tí òǹkọ̀wé ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí àwọn tí kò fara mọ́ èrò rẹ̀ ń sọ, kó tó fún wọn lésì. Ẹ̀rù rẹ̀ máa ń ba akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, wọ́n ní kò sí ìdí tí èèyàn á fi máa bá alátakò rojọ́. Ní 1999, Daniel O'Keefe, onímọ̀ nípa ìbánisọ̀rọ̀, ṣàkójọ àwọn ìwádìí tó ti wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ tó mẹ́nu ba àtakò tó sì fèsì sí i ń yí èèyàn lérò padà ju èyí tó dákẹ́ nípa rẹ̀ lọ. Èyí tó mẹ́nu bà á láìfèsì ló ń pàdánù, àfi nínú ìpolówó ọjà.

Ká ní èrò akẹ́kọ̀ọ́ kan ni pé kò yẹ kí wíwá sí kíláàsì ní máàkì tirẹ̀. Ó wá kọ ọ́ pé: “Àwọn kan fẹ́ máàkì yìí nítorí wọn kò fọkàn tán akẹ́kọ̀ọ́.” Àtakò kọ́ nìyẹn. Kò sí ẹni tó fẹ́ máàkì náà tó máa gbà pé ohun tí òun sọ nìyẹn, olùkọ́ tó ń ka àròkọ náà sì lè wà lára wọn. Ohun tí wọ́n ń sọ ní tòótọ́ ni pé àwọn tó ń wá déédéé sábà máa ń ṣe dáadáa nínú ìdánwò, àti pé bí a bá yọ máàkì náà, ọ̀pọ̀ ò ní wá mọ́. Èyí le, òun ló sì yẹ ní kíkọ.

Kí òǹkọ̀wé wá wo ohun tó lè gbà fún wọn. Ó lè gbà pé wíwá sí kíláàsì ń ranni lọ́wọ́, torí èrò rẹ̀ kò takò ó. Kò gbọdọ̀ gbà pé máàkì náà ń fi ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ hàn, torí ibẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn wà. Èsì rẹ̀ lè lọ báyìí:

“Lóòótọ́, wíwá sí kíláàsì ń ranni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìrànwọ́ náà á ti hàn nínú máàkì ìdánwò; bí a bá tún fún un ní máàkì lọ́tọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì la kà á. Bó bá jẹ́ pé à ń bẹ̀rù kí kíláàsì má ṣófo, kí olùkọ́ máa ṣe ìdánwò kékeré níbẹ̀, kó sì fi máàkì sí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe.”

Apá méjèèjì àtakò náà ló rí èsì. Ohun tí mo sábà máa ń rí ni kí èsì yà bàrá, kó máa sọ pé ọ̀nà kíláàsì jìn sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tàbí pé àwọn kan ń ṣiṣẹ́. Ìdí gidi ni wọ́n, àmọ́ ìpínrọ̀ tiwọn ló yẹ wọ́n.

Ẹ̀yìn àwọn ìdí tó lágbára ni mo fẹ́ràn kí ìpínrọ̀ yìí wà, àfi bí àtakò náà bá ti wà lọ́kàn òǹkàwé kó tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà, kó wá síwájú. Bí kò bá wá sí èsì kankan fún apá kan àtakò náà, kí òǹkọ̀wé dín èrò rẹ̀ kù: bí àpẹẹrẹ, kó yọ àwọn kíláàsì yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì sílẹ̀, níbi tó jẹ́ pé ẹni tí kò wá kò ṣe iṣẹ́ náà rárá.