Ìdánwò Kruskal-Wallis: nígbà tí a bá fi ipò rọ́pò iye

Nígbà tí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀wọ́ mẹ́ta yàtọ̀ síra, ANOVA ọlọ́nà kan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń lò. Ó ń wo bí ìpíndọ́gba àwọn ọ̀wọ́ náà ṣe jìnnà síra, ó sì ń gbé e lé orí bí iye inú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe fọ́n ká. Ìṣirò yìí dára bí iye inú ọ̀wọ́ bá tò yí ìpíndọ́gba rẹ̀ ká lápá méjèèjì. Ṣùgbọ́n àkókò tí ènìyàn fi ń dúró kì í sábà rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń kéré, tí díẹ̀ a sì ga fíofío, gbogbo rẹ̀ a wá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé a wọn iye ìṣẹ́jú tí àwọn oníbàárà fi dúró lórí fóònù ní ẹ̀ka mẹ́ta kí a tó dá wọn lóhùn, ènìyàn márùn-ún ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan:

```
A: 2, 3, 4, 6, 14
B: 5, 8, 9, 12, 60
C: 11, 15, 18, 25, 130
```

Ìpíndọ́gba A jẹ́ 5.8, ti B jẹ́ 18.8, ti C sì jẹ́ 39.8. Ojú lásán ti rí i pé wọ́n jìnnà síra, síbẹ̀ ANOVA fún wa ní F = 1.41, tí iye p rẹ̀, èyí tó ń sọ bí ó ṣe rọrùn tó kí irú ìyàtọ̀ báyìí ṣẹlẹ̀ bí àwọn ọ̀wọ́ kò bá yàtọ̀ rárá, jẹ́ nǹkan bí 0.28, ìyẹn ni pé kò rí ìyàtọ̀ kankan tí ó lè fọwọ́ sí. Ohun tó fà á ni 130 yẹn. Òun ló gbé ìpíndọ́gba C sókè, ṣùgbọ́n òun náà ló fa nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìfọ́nká inú ọ̀wọ́ tí ANOVA fi ń pín, ohun tí ó fi ọwọ́ kan fúnni ni ó fi ọwọ́ kejì gbà padà.

Ní ọdún 1952, William Kruskal àti Allen Wallis gbé ìdánwò kan jáde tí kì í lo iye gan-an, bí kò ṣe ipò rẹ̀. A ó da iye mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pọ̀, a ó tò wọ́n láti orí èyí tó kéré jù, a ó sì fún wọn ní ipò 1 títí dé 15. Bí iye méjì bá dọ́gba, wọn yóò pín ìpíndọ́gba ipò tí wọ́n gbà. Lẹ́yìn náà, a ó dá ipò kọ̀ọ̀kan padà sí ọ̀wọ́ rẹ̀, a ó sì ro wọ́n pọ̀. Ẹ̀ka A ní 21, B ní 40, C sì ní 59. Bí àwọn ẹ̀ka náà kò bá yàtọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ìbá ní nǹkan bí 40. Ohun tí a ń wọ̀n nìyí:

```
H = 12/(N(N+1)) × Σ(R²/n) − 3(N+1)
  = 0.05 × (21² + 40² + 59²)/5 − 48
  = 7.22
```

Nínú rẹ̀, N ni iye gbogbo ènìyàn, n ni iye àwọn tó wà nínú ọ̀wọ́ kan, R sì ni àpapọ̀ ipò ọ̀wọ́ náà. Ààlà fún ọ̀wọ́ mẹ́ta ní ìpele 0.05 jẹ́ 5.99 lórí tábìlì káì-sikúéà. Nígbà tí ọ̀wọ́ bá kéré tó báyìí, tábìlì ìdánwò náà fúnra rẹ̀ ló péye jù, 5.78 sì ni ó kọ síbẹ̀. H wa ju méjèèjì lọ, ìyẹn ni pé ìdánwò yìí rí ìyàtọ̀ tí ANOVA kò rí. Kódà bí 130 bá di 1300, ipò 15 náà ni yóò wà, H kò sì ní yí padà.

Ṣùgbọ́n H kò sọ ẹ̀ka tó yàtọ̀. Ìdánwò Dunn, tó ń fi ìpíndọ́gba ipò wé ara wọn ní méjì-méjì, ni a sábà máa ń lò tẹ̀ lé e. Níhìn-ín, nígbà tí a bá ti mú ààlà le nítorí pé ìfiwéra mẹ́ta ni a ṣe, A àti C nìkan ni ó yàtọ̀. B wà láàárín, a kò sì lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára èyíkéyìí nínú wọn.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni kí ènìyàn kọ ọ́ pé iye àárín àwọn ọ̀wọ́ yàtọ̀. Ohun tí ìdánwò yìí ń bèèrè ni bóyá iye láti inú ọ̀wọ́ kan sábà máa ń ju ti òmíràn lọ. Ìgbà tí ìrísí àti ìfọ́nká ọ̀wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jọra nìkan ni a lè túmọ̀ rẹ̀ sí iye àárín, B àti C tí wọ́n ní ìrù gígùn kò sì jọ A dáadáa. Ó tún pọn dandan pé kí àwọn ènìyàn inú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn márùn-ún kan náà ló pe ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdánwò Friedman ni ó yẹ, nítorí pé inú ìdáhùn ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ó ti ń to ipò.