Ìwọ nìkan ni yóò máa tà á: ohun tí àdéhùn yìí dè, àti ohun tí kò dè

Bí oníṣòwò kan ní Kàbà bá gba ìwé pé òun nìkan ni yóò máa ta irú pọ́ọ̀ǹpù kan tí wọ́n fi ń fín oògùn koríko, láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, ó lè rò pé ọjà náà ti di tirẹ̀. Ìlérí inú ìwé kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kó pọ́ọ̀ǹpù náà wọlé láti Ṣáínà ṣèlérí pé òun kò ní tà fún ẹlòmíràn lágbègbè yẹn, ó tán. Ẹni tó ra tirẹ̀ ní Ìlọrin tó sì kó o wá sọ́jà Kàbà kò bá ẹnikẹ́ni tọwọ́ bọ̀wé. Ohun tó lè dín èyí kù ni kí agbéwọlé fi ìwé de àwọn tó ń bá a tà níbòmíràn pé wọn kò ní tà sí agbègbè yẹn, kí ó sì kọ nọ́ńbà sára páálí kọ̀ọ̀kan, kí a lè mọ ọwọ́ ẹni tí ọjà ti yọ́ jáde.

Ìlérí alápínká, ìyẹn oníṣòwò tó gba ìwé náà, máa ń le jù bẹ́ẹ̀ lọ ní tirẹ̀, pàápàá iye tó gbọ́dọ̀ rà. Ká ní 600 pọ́ọ̀ǹpù ni lọ́dún, tí ìwé sì pín in sí 150 ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ó dọ́gba lójú ẹni tó jókòó sí Èkó. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ àwọn Òkun, níbi tí Kàbà àti Ẹ̀gbẹ̀ wà, ìgbà tí òjò bá dé ni koríko ń yọ àgbẹ̀ lẹ́nu. Láti oṣù kìíní dé ìkẹta, bóyá 30 ni yóò tà. Tí kò bá kó 150 náà, tí ìwé sì sọ pé ẹ̀ẹ̀kan péré tí iye bá dín, ẹ̀tọ́ òun nìkan ti parí, agbéwọlé lè yan ẹlòmíràn lóṣù kẹrin gan-an, nígbà tí ọjà ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó náwó sí pátákó, tó ń gbé pọ́ọ̀ǹpù kiri oko láti fi han àgbẹ̀, ni yóò pàdánù. Ọdún gbáko ló yẹ kí wọ́n fi ka iye náà, kí wọ́n má sì ka èyí tí agbéwọlé fúnra rẹ̀ kò rí kó wá.

Dọ́là tún ń bẹ níbẹ̀. Bí ìwé bá sọ pé $20 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, 150 jẹ́ $3,000. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023, owó yẹn kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó náírà lọ. Nígbà tó di oṣù kejì 2024, tí dọ́là kan ti tó nǹkan bíi ₦1,500, ó ti di mílíọ̀nù mẹ́rin àtààbọ̀. Iye pọ́ọ̀ǹpù tó gbọ́dọ̀ rà kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni owó ọwọ́ àgbẹ̀ kò pọ̀ sí i tó bẹ́ẹ̀.

Tí àdéhùn bá wá parí, 90 pọ́ọ̀ǹpù lè ṣì wà nílé. Àfi tí wọ́n bá ti kọ ọ́ síwèé pé agbéwọlé yóò rà wọ́n padà ní iye tó tà wọ́n, alápínká àtijọ́ ni yóò ru wọ́n. Àgbẹ̀ tó rà lọ́dún tó kọjá yóò sì máa gbé èyí tó bàjẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, torí òun ló tà á fún un, nígbà tí ẹ̀yà ara tí wọ́n fi ń tún un ṣe ti wà lọ́wọ́ ẹni tuntun.