Ìdí tí a kì í fi í fún ọmọdé ní asipirín nígbà ibà àti ẹ̀fọ́rí

Asipirín jẹ́ oògùn tí ń dín ibà àti ìrora kù, ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn kì í fún ọmọdé tàbí ọ̀dọ́langba tí ibà àti ẹ̀fọ́rí ń ṣe, nítorí àjọṣe tí wọ́n ti rí láàárín rẹ̀ àti àrùn Reye. Àrùn yìí ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó máa ń ba ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀yìn àìsàn tí kòkòrò fáírọ́ọ̀sì fà ló sábà máa ń dé, pàápàá fúlúù àti ṣíkínpọ́ọ̀sì, èyí tí ń mú roro olómi sú sí ara. Níwọ̀n ìgbà tí òbí kò ti lè fi ojú lásán mọ ohun tó fa ibà ọmọ, ìkìlọ̀ náà kan ibà gbogbo.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀

Ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá kì í fẹ́ jẹun, nítorí náà ara rẹ̀ máa ń jó ọ̀rá tó ti wà ní ìpamọ́ kí ó lè rí agbára. Inú mitokọ́ńdíríà, ìyẹn àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ni iṣẹ́ yìí ti ń wáyé. Èròjà salisiléètì tí asipirín máa ń dà nínú ara a máa dí jíjó ọ̀rá yìí lọ́wọ́, ó sì jọ pé fáírọ́ọ̀sì ti ń ni mitokọ́ńdíríà lára ṣáájú kí oògùn náà tó dé bá a, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò tíì lóye gbogbo bí àwọn méjèèjì ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́.

Bí a bá fi maikirosikópù wo ẹ̀dọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, a ó rí ọ̀rá wínníwínní tó kún inú àwọn sẹ́ẹ̀lì, tí mitokọ́ńdíríà sì ti wú. Ẹ̀dọ̀ tó wà ní ipò yìí kò lè sọ amóníà di èròjà tí ìtọ̀ ń gbé jáde mọ́. Amóníà yóò pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, yóò dé ọpọlọ, ọpọlọ yóò sì wú. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ náà lè lọ sílẹ̀, àgàgà lára ọmọ ọwọ́. Wíwú ọpọlọ yìí ló sábà máa ń pa ọmọ.

Bí ó ṣe máa ń fara hàn

Ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ ọdún 7 kan tí fúlúù mú, tí wọ́n sì ń fún ní asipirín fún ibà àti ẹ̀fọ́rí. Ní ọjọ́ kẹrin, ara rẹ̀ ti ń tutù, ó ti dìde jókòó, gbogbo ilé sì rò pé ó ti bọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, kò dáwọ́ dúró, omi lásán pàápàá kò dúró nínú rẹ̀. Oorun ń kùn ún ṣáá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ń ṣe ìrànrán, ó ń bá ẹni tó dì í mú jà, kò sì dá ìyá rẹ̀ mọ̀. Bí ó bá tẹ̀ síwájú, gìrì àti dídákú ló máa ń tẹ̀ lé e.

Ohun tó ń tan ènìyàn jẹ ni pé ibà pọ́njú kì í sábà hàn, nítorí náà ẹ̀dọ̀ kì í tètè wá sí ọkàn ẹni tó ń tọ́jú ọmọ náà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa ń tú u fó: èròjà ẹ̀dọ̀ tàbí amóníà á ti lé ní ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n tó yẹ, nígbà tí omi ọ̀pá ẹ̀yìn kò fi àmì wíwú tí kòkòrò fà hàn bíi ti àrùn yírunyírun. Kò sí oògùn tí ń pa ipa àrùn náà rẹ́. Ilé ìwòsàn máa ń fa omi ṣúgà sí i lára, wọ́n sì máa ń sapá láti dín wíwú ọpọlọ kù. Nítorí náà, ọmọ tó bá ń bì léraléra tí ìwà rẹ̀ sì yí padà lẹ́yìn fúlúù tàbí ṣíkínpọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Bí ìkìlọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní 1963, Douglas Reye, onímọ̀ nípa àrùn ní ìlú Sídínì ní Ọsirélíà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àpèjúwe ọmọ 21 tí wọ́n ní àrùn náà. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ka ìṣẹ̀lẹ̀ 555 láàárín 1979 sí 1980. Ìwádìí tó fi àwọn ọmọ tó ní in wé àwọn tí kò ní in fi hàn pé lílo asipirín pọ̀ jù lára àwọn àkọ́kọ́. Ọ̀gá àgbà oníṣègùn ìjọba ṣe ìkìlọ̀ ní 1982. Ní 1986 ìkìlọ̀ náà di dandan lára páálí oògùn. Bí òbí ṣe ń yàgò fún oògùn náà ni iye àrùn náà ń já wálẹ̀, tí kò fi ju 36 lọ lọ́dún lẹ́yìn 1987. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òté lé e fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ní 1986, wọ́n sì sún un dé ọdún 16 ní 2002.

Èyí kò fi hàn pé asipirín nìkan ló lè fà á. Àwọn ọmọ kan tí wọ́n rò pé àrùn Reye ló mú wọn ní àbùkù àbímọ́ni nínú bí ara wọn ṣe ń lo ọ̀rá.

Oògùn mìíràn

Parasítámọ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò dípò rẹ̀, mílígíráàmù 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan, kò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24. Ọmọ oníkílò 20 yóò gba mílígíráàmù 300 lẹ́ẹ̀kan. Ó yẹ kí a ka ara páálí oògùn ọ̀fìnkìn àti ti inú rírun, nítorí asipirín tàbí salisiléètì mìíràn lè wà nínú wọn láìjẹ́ pé orúkọ oògùn náà sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn àìsàn díẹ̀ wà tí dókítà fúnra rẹ̀ máa ń fún ọmọdé ní asipirín, irú bí àrùn Kawasaki, lábẹ́ àmójútó. Bí fúlúù tàbí ṣíkínpọ́ọ̀sì bá wá mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, dókítà náà ni yóò pinnu bóyá kí wọ́n dá oògùn náà dúró.