Ẹsẹ̀ Tí Kò Ta Mọ́

Ìyá ọkọ aboyún kan ló kọ́kọ́ wọlé, ó di ṣíbí ọbẹ̀ kan mú lọ́wọ́. Ṣíbí náà ti tẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkùnrin méjì gbé aboyún náà wọlé láti inú ọkọ̀ tí wọ́n háyà láti abà kan lẹ́yìn Ìkọ̀lé. Aago mọ́kànlá alẹ́ ku ogún ìṣẹ́jú. Alẹ́ àkọ́kọ́ mi rèé ní iyàrá ìrọbí. Ọmọ ilé-ìwé agbẹ̀bí ni mí nígbà náà, sítáàṣì ara aṣọ mi ò tíì rọ̀.

"Gìrì ti mú un lẹ́ẹ̀mejì," ni ìyá náà ń wí. "Mo fi ṣíbí sí i lẹ́nu kó má baà gbé ahọ́n rẹ̀ mì."

Eyín iwájú aboyún náà kan ti kán. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí láti orí ṣíbí yẹn, torí pé ilé tí mo ti bá a kì í ṣe ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó lè gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì. Eyín tó bá kán ló lè já sí ọ̀nà ọ̀fun, kó dí èémí. Bí gìrì bá mú aboyún, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ fi aṣọ tìmùtìmù sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí itọ́ máa ṣàn jáde, kí ẹnì kan sì sáré wá ọkọ̀. Gìrì náà kì í sábà ju ìṣẹ́jú kan sí méjì lọ kó tó fúnra rẹ̀ dáwọ́ dúró. Òmíràn tó lè tẹ̀lé e ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bani.

Èyí tó tẹ̀lé e mú un lójú mi. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ yí sókè, ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n, ara rẹ̀ wá le gbagidi bí igi, ètè rẹ̀ dúdú, kó tó di pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Mo dúró bí ère. Sísítà àgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò pariwo mọ́ mi. Ó ní, "Ọmọ mi, wo aago. Kí o sọ fún mi nígbà tó bá tán."

Nígbà tó rọlẹ̀, a fún un ní ọ́síjìn, a fa itọ́ ẹnu rẹ̀ kúrò. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 180 lórí 120. Mo ri ìwé àyẹ̀wò bọ inú ìtọ̀ rẹ̀, àwọ̀ ìyeyè tó wà lára ìwé náà di àwọ̀ ewé gbígbó: purotéènì ti ń jò gba inú kíndìnrín kọjá. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ni, ó ti pé oṣù kẹsàn-án. Orí ti ń fọ́ ọ fún ọjọ́ méjì, ojú rẹ̀ ń ṣe wìrìwìrì, òkè ikùn ń dùn ún lábẹ́ ìhà. Wọ́n ra oògùn ibà fún un ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Èmi ò dá wọn lẹ́bi, orí fífọ́ ní abúlé, ibà ni. Ṣùgbọ́n bí orí bá fọ́ aboyún tí oyún rẹ̀ ti kọjá oṣù márùn-ún, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì, ẹ wọn ìfúnpá rẹ̀ kí ẹ tó lo oògùn ibà.

Ibi ọmọ ni àìsàn yìí, tí à ń pè ní ẹkilámpsíà, ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ibi ọmọ kò bá ta gbòǹgbò dáadáa nínú ilé ọmọ, ẹ̀jẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó, òun náà á wá máa tú àwọn nǹkan sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá tó ń ba ara òpó ẹ̀jẹ̀ jẹ́ láti inú. Òpó ẹ̀jẹ̀ á fún, kíndìnrín á jò, ọpọlọ á wú, ìyẹn ló ń fa gìrì. Kì í ṣe wárápá. Ìbímọ nìkan ló ń mú gbòǹgbò rẹ̀ kúrò. Oògùn tí à ń lò kí ìyá má baà kú kí ọmọ tó bọ́ ni magnísíọ̀mù sọ́féètì.

Sísítà gbé ìgò kéékèèké náà sórí tábìlì, ó ní kí n máa kà á sókè bó ṣe ń fà á. Mílílítà mẹ́jọ oògùn, mílílítà méjìlá omi abẹ́rẹ́: gíráàmù mẹ́rin nìyẹn. Ó tì í wọ iṣan díẹ̀díẹ̀, kò kánjú, mo sì ń wo aago títí ó fi ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Lẹ́yìn náà, gíráàmù márùn-ún sí ìdí ọ̀tún, márùn-ún sí ìdí òsì, a po oògùn amárakú díẹ̀ mọ́ ọn torí abẹ́rẹ́ yẹn ń dunni gan-an. Dókítà fún un ní háídírálásíìnì kí ìfúnpá lè wálẹ̀. A ki rọ́bà ìtọ̀ sí i. Gìrì kò padà wá.

Mo rò pé iṣẹ́ ti tán. Sísítà gbé àga kan fún mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Ìwọ ni wàá ṣọ́ ọ. Oògùn yìí kan náà lè gba èémí lẹ́nu rẹ̀."

Kíndìnrín ló ń fọ magnísíọ̀mù kúrò lára. Bí kíndìnrín bá ti fara gbọgbẹ́, oògùn á máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, yóò kọ́kọ́ mú kí iṣan rọ, bó bá tún pọ̀ sí i, èémí á dúró. Nítorí náà, kí a tó fún un ní gíráàmù márùn-ún mìíràn ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, nǹkan mẹ́ta gbọ́dọ̀ pé: kó máa mí tó ìgbà 16 ní ìṣẹ́jú kan, kí ìtọ̀ rẹ̀ tó mílílítà 30 ní wákàtí kan, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ta bí a bá gbá orúnkún rẹ̀. Mo ti ọwọ́ òsì sábẹ́ orúnkún rẹ̀, mo gbé e sókè díẹ̀, mo fi etí ọwọ́ ọ̀tún gbá iṣan abẹ́ orí orúnkún. Ẹsẹ̀ náà ta. Ìyá ọkọ ń wò mí látẹnu ọ̀nà bí ẹni tó rí ọmọdé tó ń ṣeré.

Aago mẹ́ta, oògùn tó kàn ti wà nínú síríǹjì. Mo gbá orúnkún. Kò ta. Mo gbá èkejì, kò ta. Mo rò pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n gbá, mo tún un gbá. Mo ka èémí rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan: 13. Ìtọ̀ inú àpò fún wákàtí mẹ́rin kò ju 70 lọ.

Mo pe Sísítà. Òun náà gbá a, ó gbé síríǹjì padà sínú àwo. Ó fa kálísíọ̀mù gúlúkónéètì, èyí tó ń dá ọwọ́ magnísíọ̀mù dúró, ó gbé e sẹ́bàá orí rẹ̀, pẹ̀lú báàgì tí a fi ń fún èèyàn ní èémí. A kò lò ó. A dúró. Láàárín wákàtí kan ààbọ̀ tó tẹ̀lé e, mo ka èémí níye ìgbà tí mi ò mọ̀ mọ́: 13, 14, 14, 16. Ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ní aago mẹ́rin ààbọ̀, mo gbá orúnkún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi ní àyà. Dókítà wá ní ká máa bá oògùn lọ.

Ó bímọ ní aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọmọbìnrin, kílò méjì àti díẹ̀. Ọ́sítósíìnì ni a fún un kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya. A kò fún un ní ẹgọmétíríìnì, torí ó ń ti ìfúnpá sókè. Magnísíọ̀mù sì ń bá a lọ fún wákàtí 24 sí i, nítorí gìrì yìí lè mú ìyá lẹ́yìn tó ti bímọ tán.

Nígbà tí mo ń fa iṣẹ́ lé àwọn aláàárọ̀ lọ́wọ́, ìyá ọkọ ti jókòó sórí àga mi. Mo ti ṣàlàyé fún un lóru ohun tí mo ń wá lórí orúnkún ìyàwó rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tuntun gbé abẹ́rẹ́ dé, ìyá náà na ọwọ́ dá a dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò tíì gbá orúnkún rẹ̀."