Ìpara ilé iṣẹ́, orúkọ tiwa: níbo ni àfarawé ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Mo rí ilé iṣẹ́ kan tó ń po ìpara òrí. Wọ́n ní kí n mú orúkọ àti lébẹ́ẹ̀lì wá, àwọn á bá mi rọ ọ́ sínú ike. Àwòrán tí ayàwòrán mi gbé wá jọ ti ìpara kan tó ń tà wàràwàrà lọ́jà. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé òun ti yí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ padà, òfin ò lè mú mi mọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Irọ́ ni o. Kò sí òfin Nàìjíríà kankan tí wọ́n kọ ìdá ọgbọ̀n yẹn sí. Ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ ni láàárín àwọn ayàwòrán, ó sì ti kó ọ̀pọ̀ ọlọ́jà sí gbèsè. Adájọ́ kì í mú rúlà wọn iye ohun tí ẹ yí padà. Ẹni tó wá rajà ló ń rò: kò gbé ìpara ti tẹ́lẹ̀ dání, bó ṣe rántí rẹ̀ ló fi ń wá a, ó sì ń kánjú. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè mú tiyín, kó rò pé tọ̀hún lòun mú? Bí ó bá lè rí bẹ́ẹ̀, ẹ ti wọ wàhálà.

Ẹ má sì rò pé àwọ̀ tí ẹ pààrọ̀ ló máa gbà yín. Lábẹ́ òfin àmì òwò wa ti 1965, àmì tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láìsọ pé àwọ̀ báyìí ni, gbogbo àwọ̀ ló kó. Kódà bí tọ̀hún ò bá tíì forúkọ àmì rẹ̀ sílẹ̀, ó ṣì lè pè yín lẹ́jọ́ pé ẹ ń fi ọjà yín ṣe bí ẹni pé tòun ni.

Ìdánwò tí mo máa ń ṣe nìyí. Ẹ tẹ lébẹ́ẹ̀lì yín jáde, ẹyọ kan péré, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ike gan-an. Ẹ gbé e sáàárín ìpara márùn-ún tàbí mẹ́fà tí ẹ rà lọ́jà, kí èyí tó jọ wà níbẹ̀. Ẹ wá pe ẹni tó ń lo ìpara tọ̀hún, kó dúró ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, kó sì yára tọ́ka sí èyí tó máa ń rà. Ẹ ṣe é fún ẹni mẹ́wàá. Bí ọwọ́ ẹni kan péré bá lọ sí tiyín, tàbí tí ojú rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ láàárín méjèèjì, ẹ dá àwòrán náà padà.

Ohun tó ń fa ìjọra kì í sábà jẹ́ ẹyọ nǹkan kan. Ewé tútù àti èso òrí, kò sẹ́ni tó ni ín. Ìdérí wúrà náà, ọjà ló kún. Ṣùgbọ́n bí ike báyìí, ìdérí báyìí, ewé tó tẹ̀ sọ́tùn-ún àti orúkọ tí wọ́n kọ sínú róbótó funfun bá pàdé pọ̀, ojú ẹni tó ń rà á ti mọ ẹni tó ni ín. Àpapọ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ tú ká.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti tú u, níbi orúkọ. Ìpara kan náà ni ilé iṣẹ́ yẹn ń rọ fún yín àti fún àwọn mìíràn, nítorí náà orúkọ àti ìrísí nìkan ni tiyín. Bí ẹ bá pe ìpara òrí ní “Òrí Dídán”, ẹ kàn ṣàpèjúwe ọjà ni, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sì máa ń ṣòro láti fi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì òwò. Ká ní ẹ pè é ní “Kèrègbè”. Kèrègbè ò sọ nǹkan kan nípa ìpara, ìdí tó fi lágbára nìyẹn. Ìlà kan ṣoṣo tó ya ìbàdí kèrègbè á di àmì, àwọ̀ aró á di àwọ̀ yín, ẹ ò sì nílò ewé kankan. Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n yẹ orúkọ wò ní ibi ìforúkọsílẹ̀ àmì òwò ní Àbújá, ní ìsọ̀rí kẹta tó jẹ́ ti ìpara àti ọṣẹ. Bí wọ́n bá gbà á, wọ́n á kéde rẹ̀ fún oṣù méjì kí ẹni tó bá fẹ́ takò ó lè sọ̀rọ̀. Ọdún 7 ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, ọdún 14 sì ni ìsọdọ̀tun kọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè: Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn ti ní nọ́ńbà NAFDAC, pé kí n kàn tẹ̀ ẹ́ sára tèmi.

Ìdáhùn: Ẹ má gbà. Ọjà kan pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fún ní nọ́ńbà yẹn. Tiyín á ní nọ́ńbà tirẹ̀. NAFDAC á béèrè ìwé àdéhùn láàárín ẹ̀yin àti ilé iṣẹ́ náà, ẹ̀rí pé ẹ ti fi orúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì òwò, àti àwòrán lébẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣáájú. Lébẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ ní orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é, àwọn èròjà, ìwọ̀n, nọ́ńbà ìpele tí wọ́n pò ó, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí ayàwòrán fi àyè ìwọ̀nyí sílẹ̀ kó tó ya ohunkóhun.

Ìbéèrè: Kí ni kí n wá sọ fún un gan-an?

Ìdáhùn: Ìwọ̀n ni kẹ́ ẹ fún un, ẹ má fún un ní fọ́tò ìpara ẹlòmíì. Ẹ fi okùn wọn ike yí ká. Ike tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7, nǹkan bí 22 ni àyíká rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ ò lè rí ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ lọ dáadáa, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 7. Orúkọ àti àmì gbọ́dọ̀ wọ inú 6. Ìyókù ni ti àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké. Kí ó jẹ́ kí àwọ̀ ẹ̀yìn kọjá etí ìgé pẹ̀lú mìlímítà 3, kí funfun má bàa yọ níbi tí ọ̀bẹ bá yẹ̀. Kí ó sì ṣiṣẹ́ ní CMYK, ìyẹn ètò àwọ̀ tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò, nítorí aró tó ń dán lójú fóònù á ṣókùnkùn lórí ìwé.

Ìpara òrí kì í bá bébà ṣe ọ̀rẹ́. Lébẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀ ní Ṣómólú, bébà ni, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí òróró fi rin ín, tí etí rẹ̀ ká sókè. Láti ìgbà náà, lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù ṣe ni mo ń lò, mo sì máa ń fi òrí ra ẹyọ kan, tí n ó gbé e sínú omi títí di ọjọ́ kejì, kí n tó sanwó ìyókù.

Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ibi tó ti rí gbogbo ewé, òdòdó àti lẹ́tà tó lò. Bí ó bá jẹ́ àwòrán tó ti wà nínú Canva ló fà wá, ẹlòmíì náà lè fà á, ẹ ò sì lè sọ ọ́ di àmì òwò yín. Nígbà tí ẹ bá sanwó tán, ẹ ní kó fọwọ́ sí ìwé pé òun gbé ẹ̀tọ́ àwòrán náà fún yín. Láìsí ìwé yẹn, tirẹ̀ ni ẹ̀tọ́ náà ṣì jẹ́, bó ti wù kí owó tí ẹ san pọ̀ tó. Kó fún yín ní fáìlì tí a ṣì lè tún ṣe pẹ̀lú, kì í ṣe fọ́tò orí WhatsApp.